Ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dé òkè, ṣùgbọ́n dátà kò ṣí ohunkóhun: ibo ni kí n yẹ̀ wò?

Tíṣà Lágéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní ìbéèrè nípa fóònù Áńdírọ́ìdì kan tí mo rà ní àlòkù láìpẹ́ yìí ní ìgboro Ifẹ̀. Ní ilé mi ní Lágéré, ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kún dé òkè, 4G sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tan dátà, ojú-ìwé kankan kì í ṣí, àwọn áàpù náà a sì kàn máa yí lójú kan. Ìpè ń wọlé, ó sì ń jáde, ohùn sì já gaara. Mo tẹ *323# láti mọ iye dátà tí ó kù, mo sì rí i pé èyí tí mo rà ṣì pọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì pé. Mo ti pa fóònù náà, mo tún tàn án. Mo ti yọ síìmù, mo sì dá a padà. Mo tilẹ̀ ti gbé e jáde lọ sí ẹ̀bá títì bóyá ògiri ilé ni ó ń dí i lọ́wọ́, síbẹ̀ kò yí padà. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá ti kún, kí ni ó tún kù tí ó lè máa dí dátà lọ́nà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ pé kí n lọ ra òmíràn, nítorí èyí ni agbára mi ká.

Ìyá Bọ́lá, Iléṣà

Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Bákan náà ni tèmi rí níhìn-ín ní Iléṣà. Láti bí aago méje alẹ́ ni ọ̀pá yóò ti kún, ṣùgbọ́n àwòrán aṣọ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi kò ní lọ títí oorun yóò fi gbé mi lọ. Bí mo bá jí ní ìdájí, gbogbo rẹ̀ á lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo rò ni pé òpó wọn ni ó bàjẹ́, tiyín náà á sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní sùúrù di ìdájí kí ẹ tún un wò.

Tíṣà Lágéré

Ẹ ṣeun, Ìyá Bọ́lá. Mo ti dán an wò ní òwúrọ̀ kùtù, mo sì ti dán an wò ní ọ̀sán gangan. Tèmi kì í yan àkókò.

Alátùn-únṣe Sábó

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ iṣẹ́ mú un. Ẹ yọ síìmù yín, kí ẹ fi sínú fóònù ẹlòmíràn nínú ilé kan náà, kí ẹ sì wò ó bóyá dátà yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi síìmù ẹlòmíràn sínú fóònù tiyín. Bí síìmù yín kò bá ṣiṣẹ́ nínú fóònù kejì, ẹ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀, pàápàá bí ó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí síìmù àtijọ́ mìíràn wà tí kò gba 4G. Ṣùgbọ́n bí síìmù yín bá ṣiṣẹ́ dáadáa níbòmíràn, a jẹ́ pé inú fóònù yín gan-an ni àìsàn wà. Áísì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni yóò jẹ́, mo sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀.

Tíṣà Lágéré

Mo ti ṣe é. Síìmù mi ṣiṣẹ́ dáadáa nínú fóònù ìyàwó mi. Ó ṣí ìròyìn, ó sì ṣí fídíò. Síìmù ìyàwó mi, tí ó jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ṣiṣẹ́ dáadáa nínú fóònù tèmi náà, nínú ihò kan náà tí síìmù tèmi ti ń jókòó sí. Wáì-Fáì ilé ẹ̀kọ́ wa sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ̀yin ẹ wò ó: síìmù dára, fóònù dára, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, kò sí ohun tí ó ń ṣí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ wọ sẹ́tìnsì, kí ẹ wá `Private DNS`, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí fóònù yóò máa bi léèrè ibi tí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹnì kan bá ti kọ orúkọ kan síbẹ̀ láti fi dí ìpolówó lọ́nà, tí orúkọ náà kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, kò sí ojú-ìwé kankan tí yóò ṣí. Ẹ dá a padà sí `Automatic`. Ohun tí ó ṣe fóònù ọ̀rẹ́ mi ní ọgbà Yunifásítì wa nìyẹn, ọ̀pá tirẹ̀ náà sì kún.

Àjàní Ẹlẹ́rọ

Mo kí gbogbo yín. Mo ti bá àwọn tí ó ń tọ́jú òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́ rí ní agbègbè yìí, mo sì rí i pé ìbéèrè Tíṣà ti sún mọ́ ìdáhùn ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀pá, nítorí òun ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà.

Ọ̀pá tí ẹ ń rí lókè fóònù kò wọn íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Ohun tí ó ń wọ̀n ní pàtàkì ni bí ìró tí òpó ń fọ́n jáde ṣe lágbára tó nígbà tí ó bá dé etí fóònù yín. Òpó kì í dákẹ́ ìró yìí. Ó ń fọ́n ọn bóyá ẹnikẹ́ni ń lo dátà tàbí kò sí ẹni tí ó ń lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ rí iye rẹ̀ gan-an, ẹ wọ `About phone`, lẹ́yìn náà `SIM status`, kí ẹ wo `Signal strength`. Nọ́ńbà tí ó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni ẹ ó rí, bíi -87 dBm. Bí ó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni ó ṣe lágbára tó: lórí 4G, -87 dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá -110 lọ sí ìsàlẹ̀, ìró náà ti ń rẹ̀ nìyẹn. Pẹ̀lú -87 tí ó dára yìí, dátà ṣì lè má ṣí ohunkóhun, nítorí ọ̀nà láti fóònù dé òpó nìkan ni nọ́ńbà náà ń sọ. Lẹ́yìn òpó, fóònù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n tó fún un ní àdírẹ́sì tí yóò fi jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò bi léèrè ibi tí orúkọ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Ìpè tí ó ń já gaara kò sì fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀nà yìí là, nítorí lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá fẹ́ pe ènìyàn, fóònù yóò sọ̀kalẹ̀ láti 4G sí 3G tàbí 2G, ọ̀nà mìíràn pátápátá ni ìpè náà yóò sì gbà.

Ẹ wá wo ohun tí Tíṣà ti rí. Síìmù rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú fóònù mìíràn. Èyí yọ gbèsè dátà, síìmù tí a dí, àti òpó tí ó bàjẹ́ kúrò. Fóònù rẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn nínú ihò kan náà. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ti Sábó, ẹ má tíì gbé irin ìjóná sí áísì rẹ̀. Ìdánwò tí ẹ ní kí ó ṣe ni ó tọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìtumọ̀ tí ẹ fún un nìkan ni n kò fara mọ́. Àbá akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò, mo ti rí i rí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bàjẹ́ nínú `Private DNS` kì í yan síìmù, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà dá Wáì-Fáì sí. Ìbá ti dí síìmù ìyàwó Tíṣà àti Wáì-Fáì ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́nà.

Ohun tí ó kù ni ohun tí fóònù yẹn fi pamọ́ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, tí kò kan àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòókù. Ṣùgbọ́n kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, Tíṣà, ẹ pa Wáì-Fáì, ẹ tan dátà, ẹ ṣí Chrome, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì ojú-ìwé kan. Bí ó bá ti kọ̀, ẹ má ṣe pa á dé. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá tí ó ń sọ pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn lẹ́tà kéékèèké kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ERR tàbí DNS. Ẹ dà wọ́n kọ síbí bí wọ́n ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń sọ ibi tí ìrìn àjò náà ti dúró. Ẹ tún sọ fún mi bóyá kò sí ohun tí ó ń kọjá rárá, títí kan ọ̀rọ̀ lásán lórí Wasáàpù.

Alátùn-únṣe Sábó

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí fóònù tí ó gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí kò sì gba òmíràn, tí áísì sì ni ó fà á, nítorí ojú ìgbì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ń lò yàtọ̀ síra.

Àjàní Ẹlẹ́rọ

Òtítọ́ ni ẹ sọ, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ọ̀pá pàápàá kì í kún, tàbí kí 4G má hàn rárá fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Fóònù tí ojú ìgbì kan ti kú lára rẹ̀ kò ní gbọ́ ìró òpó dáadáa lórí ojú ìgbì yẹn. Ti Tíṣà ń gbọ́ ọ ketekete.

Tíṣà Lágéré

Bàbá Àjàní, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ nìyí:

```
ERR_PROXY_CONNECTION_FAILED
```

Àmì ìyanu kékeré kan náà tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀. Ní ti Wasáàpù, mo ní láti tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Mo ti sọ pé kò sí ohun tí ó ń ṣí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fara balẹ̀ wò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ lásán láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi wọlé nígbà tí mo tan dátà; àwòrán tí ó fi tẹ̀ lé e ni kò wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ó ti yé mi! Ẹ wo APN yín, sà, ìyẹn ètò tí fóònù fi ń tọrọ àyè dátà lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀.

Àjàní Ẹlẹ́rọ

Ó yé èmi náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Tíṣà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ wọ sẹ́tìnsì, `Network & internet`, `SIMs`, ẹ tẹ síìmù tí ó ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ dé `Access Point Names`. Lórí fóònù Samsung, `Connections` ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà `Mobile networks`. Bí orúkọ ju ẹyọ kan lọ bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ èyí tí àmì yíyàn wà lára rẹ̀ kí ó ṣí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí iwájú `APN`, `Proxy` àti `Port` fún wa, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́.

Tíṣà Lágéré

Orúkọ tí ó wà níwájú `APN` dà bí orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi. Èyí tí ó kù nìyí:

```
Proxy: 127.0.0.1
Port: 8080
```

Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. N kò wọ ibi yìí rí láti ìgbà tí mo ti ra fóònù náà.

Àjàní Ẹlẹ́rọ

Ẹni tí ó ni fóònù náà kí ó tó dé ọwọ́ yín ni ó kọ ọ́. `Proxy` tí ó wà nínú APN ń sọ fún fóònù pé kí ó má ṣe gba ọ̀nà tààrà lọ sí ojú-ìwé, kí ó kọ́kọ́ gbé gbogbo ìbéèrè rẹ̀ fún alárinà kan. Nígbà àtijọ́, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa fúnra wọn máa ń ní irú alárinà bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ẹ lè rí àwọn ìlànà àtijọ́ lórí ayélujára tí ó ṣì ń sọ pé kí ẹ kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀. Lónìí, ibẹ̀ yẹ kí ó ṣófo ni.

Ṣùgbọ́n 127.0.0.1 tún yàtọ̀. Kì í ṣe àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni níta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láyé ṣe ń pe ara rẹ̀, nítorí náà, lórí fóònù yín, fóònù yín fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wá ronú nípa ọkùnrin kan tí ó ń kọ lẹ́tà sí gbogbo ayé, tí ó sì ń gbé wọn fún agbéléta kan tí ó sọ pé ó ń gbé ní yàrá kejì nínú ilé òun fúnra rẹ̀, nígbà tí agbéléta náà ti kó jáde tipẹ́tipẹ́. Òpó wà nítòsí, ọ̀nà là, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò jáde nílé rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Agbéléta yẹn, bí mo bá lè sọ ọ́, áàpù tí wọ́n fi ń lo dátà lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Àwọn kan nínú ọgbà wa ṣì ń ṣe é. Áàpù náà yóò dúró lórí fóònù, yóò máa tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà 8080, wọn yóò sì ní kí ẹni tí ó ń lò ó lọ kọ 127.0.0.1 sínú APN rẹ̀ kí gbogbo ìbéèrè lè gba ọwọ́ áàpù náà kọjá. Nígbà tí ọgbọ́n náà kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, wọn a yọ áàpù náà kúrò, ṣùgbọ́n ta ni ó ń rántí APN? Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta fóònù, wọn a pa àwòrán àti nọ́ńbà rẹ́, wọn a sì fi èyí sílẹ̀.

Tíṣà Lágéré

Kí ni ó dé tí síìmù ìyàwó mi fi wá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀?

Àjàní Ẹlẹ́rọ

Nítorí Áńdírọ́ìdì ń fi APN pamọ́ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Síìmù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí ó fi ń sọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tí ó ni í. 621 ni ti Nàìjíríà, tí ó sì máa ń hàn níwájú `MCC` lórí ojú-ìwé APN tí ẹ ṣí yẹn, nígbà tí nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wà níwájú `MNC`. Bí ẹ bá fi síìmù sínú fóònù, fóònù yóò ka nọ́ńbà méjèèjì, yóò sì mú APN tí ó bá wọn mu jáde. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ni fóònù yẹn àti ẹ̀yin jọ ń lò, nítorí náà, ẹ jogún ohun tí ó fi sílẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ìyàwó yín ń lò kò ní àjọṣe kankan pẹ̀lú rẹ̀. Wáì-Fáì pàápàá kì í wo inú APN rárá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ojú-ìwé náà pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ibi tí orúkọ àwọn APN ti tò, ẹ tẹ àmì kékeré róbótó mẹ́ta tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ tẹ `Reset to default`. Fóònù yóò pa ohun tí ẹni náà kọ rẹ́, yóò sì mú èyí tí ilé iṣẹ́ fóònù ti tò sínú rẹ̀ padà. Ẹ tan `Airplane mode`, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ pa á, kí fóònù lè lọ tọrọ àyè tuntun lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí orúkọ kankan kò bá yọ lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ àmì àròpọ̀ kí ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Fún MTN, ohun tí ẹ ó kọ síwájú `APN` ni `web.gprs.mtnnigeria.net`. Fún Airtel, `internet.ng.airtel.com`. Fún Glo, `gloflat`. Ẹ fi `Proxy` àti `Port` sílẹ̀ ní òfìfo. Ohun tí ó máa ń ba ènìyàn nínú jẹ́ jù lọ níbẹ̀ ni pé ó lè kọ gbogbo rẹ̀ tán kó má rí i mọ́ lẹ́yìn tí ó bá fi í pamọ́: ó ti fọwọ́ kan `MCC` tàbí `MNC` ni, fóònù sì gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ni ó kọ ọ́ fún. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan àwọn méjèèjì, wọ́n ń kọ ara wọn ni. Ẹ má sì gbàgbé láti tẹ `Save`, nítorí lórí àwọn fóònù kan, bí ẹ bá kàn padà sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Tíṣà Lágéré

Ó ti ṣí! Mo tẹ `Reset to default`, `Proxy` sì ṣófo báyìí. Àwòrán àbúrò mi ti wọlé, àmì ìyanu náà sì ti lọ. Ẹ̀yin ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ọ̀gá wa ti Sábó tí ó ní kí n pààrọ̀ síìmù wò. Ohun kan ṣì ń ṣe mí ní kàyéfì: kí ni ó fà á tí ọ̀rọ̀ Wasáàpù fi wọlé nígbà tí ohun gbogbo yòókù dúró?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Kì í ṣe gbogbo áàpù ni ó máa ń ṣègbọràn sí `Proxy`, sà. Búráúsà ń ṣègbọràn sí i, ṣùgbọ́n áàpù mìíràn a máa la ọ̀nà ti ara rẹ̀.

Àjàní Ẹlẹ́rọ

Ohun tí èmi náà rò nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà kan, àwòrán sì gba òmíràn. N kò ní búra sí i, nítorí àwọn tí ó ṣe áàpù náà ń yí i padà nígbàkígbà. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé bí ohun kékeré kan bá ń kọjá nígbà tí búráúsà kò ṣí nǹkan kan, ẹ má ṣe tíì dá òpó lẹ́bi.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Pọ́ńbélé

Ẹ kú ìjíròrò. Ṣé èyí lè ṣẹlẹ̀ lórí áífóònù náà? Ti àǹtí mi ṣe bí ti Tíṣà, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí wọ́n ń kọ APN sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ó lè ṣẹlẹ̀. Lórí áífóònù, ẹ wọ `Settings`, `General`, kí ẹ tẹ `VPN & Device Management`. Bí ẹ bá rí prófáìlì kan níbẹ̀ tí àǹtí yín kò mọ̀, ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ni APN ẹlòmíràn wà, kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí ibi tí ẹ ó ti tún un kọ títí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bí fóònù náà bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́ wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wọn kí wọ́n tó yọ ọ́.

Alátùn-únṣe Sábó

Láti òní lọ, fóònù àlòkù tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, màá máa ṣe `Reset network settings` fún un kí n tó tà á. Ó yá ju kí ènìyàn máa wá APN kiri lọ.

Àjàní Ẹlẹ́rọ

Fún fóònù tí ẹ fẹ́ tà, ó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ìdí tí ẹ kò fi ní pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é fún oníbàárà láìsọ fún un, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé Wáì-Fáì tí ó ti fi pamọ́ ni yóò lọ pẹ̀lú rẹ̀, àti gbogbo ohun tí ó ti so mọ́ Bluetooth. Ẹni tí ó ń lo Wáì-Fáì ìjọ, ti ibi iṣẹ́ àti ti ilé yóò padà wá bá yín jà.

Ìyá Bọ́lá, Iléṣà

Ẹ̀yin ti yanjú ti Tíṣà, ẹ wá gbàgbé mi. Mo wo APN tèmi, `Proxy` rẹ̀ ṣófo. Ní alẹ́ àná, mo ka àwọn lẹ́tà kéékèèké náà bí ẹ ti wí. Nígbà kan ó kọ `ERR_CONNECTION_TIMED_OUT`, nígbà mìíràn ó kọ `ERR_NAME_NOT_RESOLVED`. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú rẹ̀?

Àjàní Ẹlẹ́rọ

Ìyá wa, ẹ má bínú. Tiyín yàtọ̀ sí ti Tíṣà pátápátá. Tirẹ̀ kò jáde nínú fóònù. Tiyín jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ pé ìbéèrè yín lọ, ẹ dúró títí, èsì kò dé. Ìkejì ń sọ pé orúkọ ojú-ìwé ni kò rí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìkejì nìkan ni ẹ ń rí, ní gbogbo ìgbà, tọ̀sán-tòru, ǹ bá ní kí ẹ wo `Private DNS` tí akẹ́kọ̀ọ́ wa mẹ́nu bà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí méjèèjì ti ń pààrọ̀ ara wọn, tí ó sì jẹ́ alẹ́ nìkan, tí ìdájí sì máa ń mọ́ gaara, èrò ni ó pọ̀ jù lórí òpó yín. Òpó ń pín àyè tí ó ní fún gbogbo ẹni tí ó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá kò sì ní dín kù nítorí pé èrò pọ̀, nítorí ìró rẹ̀ ṣì ń dé ọ̀dọ̀ yín bákan náà. Nígbà tí ìbéèrè àwòrán bá ń sọnù lójú ọ̀nà, ìbéèrè orúkọ pàápàá lè sọnù.

Kò sí ohun púpọ̀ tí ẹ lè yí padà nínú fóònù. Ẹ lè dán 3G wò ní alẹ́ láti inú `Preferred network type`. Níbòmíràn àwọn ènìyàn ti ṣí kúrò lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yá ju 4G lọ, níbòmíràn ẹ̀wẹ̀ kò wúlò rárá. Ẹ tún lè yá síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn lò fún alẹ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, ẹ kọ́kọ́ pe 300 kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín gba ẹjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan sí i, ẹ pe NCC, àjọ tí ó ń ṣàbójútó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní 622. Ẹ sọ àdúgbò yín àti wákàtí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára" lásán kò jẹ́ kí wọ́n mọ òpó tí wọn yóò lọ wò.

Ìyá Bọ́lá, Iléṣà

Mo dán 3G wò ní alẹ́ yìí. Àwòrán kan lọ, èkejì dúró. Màá pe 300 náà lówùúrọ̀ ọ̀la, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi àwọn ará Iléṣà tí ó bá ń ka èyí: nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ni ó ń ṣiṣẹ́ fún yín ní agbègbè ọjà Àtákúmọ́sà lẹ́yìn aago méje alẹ́?